Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Ta Ló Ka "Ṣebí", Ta Ló Jẹ́rìí Sí I?

Àṣà kan wà nínú ìwádìí èdè Yorùbá tó yẹ kí ó dópin. Olùwádìí á jókòó ti ìwé eré-onítàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á fa ìlà sábẹ́ gbogbo "ṣebí", "àbí", "sá" àti "o" tó bá rí, á pín wọn sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ọkàn rẹ̀ ti ní kí ó pín wọn, á ka iye wọn, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ìtẹnumọ́, ìdá báyìí jẹ́ ìbéèrè. Kò sí ẹlòmíràn tó wo àwọn gbólóhùn náà. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ojú kejì yóò pín wọn bẹ́ẹ̀. Olùwádìí ni olùpẹ̀jọ́, òun ni ẹlẹ́rìí, òun náà ni adájọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn yunifásítì nìkan. Ó kan kíláàsì. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ àròkọ onísọ̀rọ̀ǹgbèsì, tó sì jẹ́ kí ìyá àti ọmọ inú àròkọ náà sọ̀rọ̀ bí ìyá àti ọmọ ti ń sọ̀rọ̀, báírò pupa a máa sáré lé "ṣebí" àti "sá" rẹ̀ lórí pé àfikún asán ni wọ́n. Máàkì á lọ. Ta ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé asán ni wọ́n? Ẹni tó ní wọn kò ní iṣẹ́, àti ẹni tó ní iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì dúró: wọ́n gbọ́ ti ara wọn nìkan.

Irú ọ̀rọ̀ tí à ń wí yìí ni a lè pè ní wúnrẹ̀n atọ́ka ìtàkùrọ̀sọ. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú gbólóhùn, ìtumọ̀ ìpìlẹ̀ gbólóhùn náà kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ fún olùgbọ́ nípa ọwọ́ tí kí ó fi mú ọ̀rọ̀ náà á sọnù. "Ọ̀la ni ìdánwò" àti "Ṣebí ọ̀la ni ìdánwò?" ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ olùgbọ́ yàtọ̀. Ní 1987, Deborah Schiffrin tẹ ìwé kan jáde lórí irú wúnrẹ̀n bẹ́ẹ̀ 11 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ìtàkùrọ̀sọ àwọn ènìyàn gidi tó gbà sílẹ̀ ní ìlú Filadẹ́lífíà ṣe ẹ̀rí. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí ní òfin tiwọn.

Àwọn wúnrẹ̀n tí ọmọ Yorùbá ń lò lójoojúmọ́ náà ti rí ẹni kà wọ́n, àmọ́ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kà wọ́n. Ní 2018, Foluke Unuabonah àti Rotimi Oladipupo tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí "o", "sha" àti "abi" nínú Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Nàìjíríà. Inú ICE-Nigeria ni wọ́n ti ṣa àpẹẹrẹ wọn. Ìyẹn ni àkójọ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà, èyí tó ní nǹkan bí mílíọ̀nù 1 ọ̀rọ̀, àtèyí tí wọ́n kọ láti ẹnu ènìyàn àtèyí tí wọ́n mú láti inú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìwádìí wọn wò lè lọ sí àkójọ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìwádìí olùdáṣe wò ńkọ́? Ọkàn olùwádìí nìkan ni ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà, kò sì sí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí "ṣebí" jẹ́ àpẹẹrẹ, nítorí ó fi ìṣòro náà hàn kedere. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń jọ ara wọn níbẹ̀. Èkíní ni ọ̀rọ̀-ìṣe "ṣe" pẹ̀lú "bí", tó túmọ̀ sí pé kí ènìyàn hùwà bí nǹkan kan: "Má ṣe bí ọ̀lẹ." Òwe "Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n" náà wà lábẹ́ èyí. Èkejì ni "ṣe bí" tó túmọ̀ sí èrò tí kò rí bẹ́ẹ̀: "Mo ṣe bí o ti lọ." Ẹ̀kẹta ni wúnrẹ̀n tí à ń wá: "Ṣebí o ti jẹun?" Ó ṣeé ṣe kí èyí tó kẹ́yìn yìí ti ara èkejì jáde, nítorí náà ni ààlà wọn kò fi mọ́ bí ààlà oko. Kọ̀ǹpútà kò lè dá wọn mọ̀ fúnra rẹ̀. Etí ènìyàn ló máa yà wọ́n, etí ènìyàn kan sì lè gbọ́ ohun tí ti ẹnìkejì kò gbọ́.

Ká ní olùkọ́ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Ìlúpéjú, ní agbègbè Muṣin, fẹ́ ṣe ìwádìí yìí bó ti yẹ. Ìṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí wọ́n pinnu ohun tí wọn yóò kó jọ kí wọ́n tó kó o. Bí wọ́n bá mú eré-onítàn nìkan, bí òǹkọ̀wé ṣe rò pé ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ni wọn yóò rí. Bí wọ́n bá mú ìwé ìròyìn nìkan, àyè ìtàkùrọ̀sọ á kéré níbẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n kó oríṣi méjì tàbí mẹ́ta ní ìwọ̀n kan náà: ìtàkùrọ̀sọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ níwájú ilé àti nídìí ọjà, eré-onítàn, àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò orí rédíò. Ìlúpéjú dára fún apá àkọ́kọ́, nítorí àdúgbò ilé-iṣẹ́ ni. Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Èkìtì àti Ọ̀yọ́ ń bá ara wọn pàdé níbẹ̀, àwọn tí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí wọn sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú. Nítorí náà, olùwádìí gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ orí olùsọ̀rọ̀ sílẹ̀, ibi tó ti kọ́ èdè, àti ohun tó jẹ́ sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Kí ó sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kó tó tẹ ẹ̀rọ, kí ó yọ orúkọ wọn kúrò nígbà tó bá ń kọ ọ́ jáde.

Lẹ́yìn náà ni wíwá ọ̀rọ̀ náà nínú àkójọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń wó láìsí ariwo. Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ "ṣ" kí ó sì rí bákan náà lójú: ó lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo, U+1E63, ó sì lè jẹ́ "s" tí àmì ìsàlẹ̀ U+0323 tẹ̀ lé. Ojú ènìyàn kò mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀kan lè fo èkejì kọjá. Ẹlòmíràn a máa kọ ọ́ pọ̀, "ṣebí". Ẹlòmíràn a máa yà á, "ṣe bí". Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ lórí fóònù á kọ "sebi" tàbí "shebi". Ẹni tó bá wá "ṣebí" nìkan, tó sì kéde pé ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀ nínú ìtàkùrọ̀sọ àwọn ọ̀dọ́, bí ọ̀dọ́ ti ń kọ ọ̀rọ̀ ló kà, kò ka bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ gbogbo àkọtọ́ di ọ̀kan, kí wọ́n wá gbogbo àwòrán ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n sì gba gbogbo ohun tó bá jáde, àtèyí tí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe wúnrẹ̀n.

Kí wọ́n má ṣe ṣa èyí tó dùn nínú wọn. Èyí tó bá jáde ni kí wọ́n fi ìbò mú láìwo ojú rẹ̀, kí wọ́n sì mú gbólóhùn méjì tó ṣáájú àti méjì tó tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí "ṣebí" tó dá dúró kò lè sọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Wàyí o, iṣẹ́ àmì fífi sí bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ náà ni olùfàmìsí méjì. Wọ́n ní 100 àpẹẹrẹ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn: ṣé wúnrẹ̀n ni èyí ni, àbí ọ̀rọ̀-ìṣe? Oníkálukú dá tirẹ̀ ṣe, láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e yìí jẹ́ ti àpẹẹrẹ, kí ìṣirò náà lè yé ènìyàn. Àwọn méjèèjì pe 90 ní wúnrẹ̀n. Àwọn méjèèjì pe 2 ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Olùkọ́ pe 4 ní wúnrẹ̀n tí akẹ́kọ̀ọ́ pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì pe 4 mìíràn ní wúnrẹ̀n tí olùkọ́ pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Ìfohùnṣọ̀kan wọn jẹ́ 92 nínú 100. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ni yóò fò sókè, tí yóò sì kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi fohùn ṣọ̀kan.

Ẹ̀tàn ni. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ náà sùn lọ, tó sì kọ "wúnrẹ̀n" sí iwájú gbogbo 100 láìka ọ̀kankan. Olùkọ́ pe 94 ní wúnrẹ̀n. Ìfohùnṣọ̀kan wọn yóò wá jẹ́ 94, èyí tó ga ju ti ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà lajú sílẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n tó ń yin ẹni tó sùn ju ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ kì í ṣe òṣùwọ̀n tí ènìyàn lè fi ta ọjà.

Ìdí nìyí tí Jacob Cohen, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi gbé ìṣirò kan kalẹ̀ ní 1960 tí wọ́n ń pè ní kápà. Ohun tó ń béèrè kò le: nínú ìfohùnṣọ̀kan yìí, mélòó ni àkọsẹ̀bá ìbá ti fún wa lọ́fẹ̀ẹ́? Ní 1996, Jean Carletta kọ̀wé sí àwọn tó ń fi àmì sí ìtàkùrọ̀sọ pé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń gbé kiri kò tó, pé kápà ni kí wọ́n máa lò. Bí a ti ń kọ ọ́ nìyí:

```
κ = (Po − Pe) / (1 − Pe)
```

`Po` ni ìfohùnṣọ̀kan tí wọ́n rí. `Pe` ni èyí tí àkọsẹ̀bá ìbá mú wá, bí oníkálukú bá ń fi àmì sí i láìwo gbólóhùn ṣùgbọ́n tó ń lo orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó ti lò ó. Olùkọ́ lo "wúnrẹ̀n" ní ìgbà 94, akẹ́kọ̀ọ́ lò ó ní ìgbà 94. Oníkálukú lo "ọ̀rọ̀-ìṣe" ní ìgbà 6. Nítorí náà:

```
Pe = 0.94 × 0.94 + 0.06 × 0.06 = 0.8872
κ  = (0.92 − 0.8872) / (1 − 0.8872) = 0.29
```

Kápà 1 ni ìfohùnṣọ̀kan pípé, 0 ni ti àkọsẹ̀bá lásán. Ìdá 92 tó ń tàn bí góòlù ti di 0.29. Ti ẹni tó sùn ńkọ́? Odo gan-an ni ìṣirò náà yóò fún un. Ibi tí ìṣòro wà náà hàn: nínú àpẹẹrẹ 10 tí ẹnìkan ó kéré tán pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe, 2 péré ni àwọn méjèèjì gbà. Wọn kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe níbí.

Kì í ṣe pé kí wọ́n bínú ju iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé ìlànà wọn ni kí wọ́n tún ṣe. Kí wọ́n wo 8 tí wọ́n ti yapa, kí wọ́n wá ìdánwò tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ ọkàn rẹ̀. Bí olùwà bá ṣáájú "ṣe bí", tàbí "ti", "ń" tàbí "máa", ọ̀rọ̀-ìṣe ni: "Wọ́n ń ṣe bí ọba." Bí "má" bá lè ṣáájú rẹ̀ tí gbólóhùn náà kò sì fọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe ni: "Má ṣe bí ọ̀lẹ" ṣeé sọ, ṣùgbọ́n "Má ṣebí ọ̀la ni ìdánwò" kò ṣeé sọ. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n mú àpẹẹrẹ tuntun, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá padà sórí àwọn ti àtijọ́, wọn yóò rántí ohun tí wọ́n jọ sọ, kápà á sì ga láìsí ìmọ̀ kún ìmọ̀.

Ìbéèrè kejì ló le, òun náà ló sì kan kíláàsì jù. Iṣẹ́ wo ni "ṣebí" ń ṣe? Ká ní ìwé ìlànà wọn sọ iṣẹ́ mẹ́ta. Ìjẹ́rìísí: olùsọ̀rọ̀ fẹ́ kí olùgbọ́ sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣebí ọ̀la ni ìdánwò Yorùbá?" "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀la ni." Ìránnilétí: àwọn méjèèjì ti mọ̀ ọ́n, olùsọ̀rọ̀ kàn gbé e padà síwájú olùgbọ́ ni. "Ṣebí ojú kan náà la jọ ń gbé, kí ló dé tí o ò yà?" Ìbáwí: olùsọ̀rọ̀ ń sọ fún olùgbọ́ pé ó ti kùnà. "Ṣebí mo ti sọ fún yín pé kí ẹ mú ìwé yín wá?" "Ẹ má bínú, sà."

Ẹ wá gbọ́ èyí nídìí ọjà. Ọmọbìnrin kan sọ fún ìyá alátà pé: "Màmá, ṣebí ẹgbẹ̀rún kan lẹ pè é lánàá?" Ìyá dá a lóhùn pé: "Ọmọ mi, àná nìyẹn." Ìránnilétí ni àbí ìbáwí? Ẹni tó bá ní ó dá òun lójú kò tíì ná ọjà rí.

Wọ́n mú 100 mìíràn tí kò sí iyèméjì pé wúnrẹ̀n ni gbogbo wọn. Ohun tí oníkálukú kọ, nínú nọ́ńbà àpẹẹrẹ, nìyí. Ti olùkọ́ wà ní apá òsì, ti akẹ́kọ̀ọ́ wà lókè:

| | Ìjẹ́rìísí | Ìránnilétí | Ìbáwí | Àpapọ̀ olùkọ́ |
|---|---|---|---|---|
| Ìjẹ́rìísí | 40 | 3 | 2 | 45 |
| Ìránnilétí | 3 | 20 | 16 | 39 |
| Ìbáwí | 2 | 4 | 10 | 16 |
| Àpapọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ | 45 | 27 | 28 | 100 |

Ìfohùnṣọ̀kan wọn ni 40 àti 20 àti 10, ìyẹn 70. Ìṣirò náà ni:

```
Pe = 0.45 × 0.45 + 0.39 × 0.27 + 0.16 × 0.28 = 0.3526
κ  = (0.70 − 0.3526) / (1 − 0.3526) = 0.54
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé 70 yìí sàn ju 92 àkọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀, 0.54 kò tíì tó láti gbé ìdájọ́ lé. Landis àti Koch, ní 1977, pín kápà sí ìpele, wọ́n sì fi 0.41 sí 0.60 sí àárín, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn sọ pé àbá lásán ni ààlà wọ̀nyẹn. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ ń fẹ́ kí ó tó 0.80 kí wọ́n tó fi ọkàn tán àmì náà.

Ohun tó wà nínú tábìlì náà ju nọ́ńbà kan lọ. Nínú àpẹẹrẹ 30 tí wọ́n ti yapa, 20 wà láàárín ìránnilétí àti ìbáwí, 16 nínú 20 náà sì fì sápá kan: olùkọ́ gbọ́ ìránnilétí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ìbáwí. Irú ìyapa bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìfiyèsí. Ẹni tí kò fiyè sí nǹkan á máa ṣì sápá ọ̀tún, á máa ṣì sápá òsì. Ìyapa tó fì sápá kan ń sọ pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà yí padà gẹ́gẹ́ bí ipò ẹni tó ń gbọ́ ọ. Àgbà tó sọ pé "ṣebí mo ti sọ" rò pé òun ń ránni létí. Ọmọ tó gbọ́ ọ mọ̀ pé wọ́n ń bá òun wí. Bí olùkọ́ bá dá iṣẹ́ náà ṣe, ìwé rẹ̀ á sọ pé ìdá 39 jẹ́ ìránnilétí, ìdá 16 jẹ́ ìbáwí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dá a ṣe, á jẹ́ 27 àti 28. Ìwé méjì, "òtítọ́" méjì, kò sì sí ẹni tí ì bá mọ̀ pé wọ́n takora. Kì í ṣe lásán ni àwọn baba ńlá fi ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Kí ni kí wọ́n wá ṣe? Kí wọ́n kúrò lórí ohun tó wà lọ́kàn olùsọ̀rọ̀, nítorí olùfàmìsí kò lè wọ ibẹ̀. Kí wọ́n wo ohun tí olùgbọ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá", ìjẹ́rìísí ni. Bó bá tọrọ àforíjì tàbí tó wí àwíjàre, ìbáwí ni. Bí kò bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, tí a sì lè fi "o kúkú mọ̀ pé" rọ́pò "ṣebí", ìránnilétí ni. Lábẹ́ ìlànà yìí, "Ọmọ mi, àná nìyẹn" jẹ́ àwíjàre, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì jọ kọ ìbáwí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọbìnrin náà lè má fi ìbínú sọ ọ́. Èyí ní owó tirẹ̀: ohun tí wọ́n ń wọ̀n ti di bí olùgbọ́ ṣe gba ọ̀rọ̀, kì í ṣe ohun tí olùsọ̀rọ̀ gbèrò. Kí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwádìí wọn, kí ẹni tó ń kà á mọ̀.

Àwọn kan yóò ní: "Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò nílò ìṣirò, àgbà ló mọ èdè." Bí ìmọ̀ àgbà bá dájú, àgbà méjì yóò fohùn ṣọ̀kan láìtijú, kápà á sì ga. Ta ló ń bẹ̀rù òṣùwọ̀n bí kì í bá ṣe ẹni tí kòńgò rẹ̀ ní ihò nídìí? Àwọn mìíràn yóò ní àsìkò kò sí. Kò pọn dandan kí ẹnìkejì fi àmì sí gbogbo àkójọ. Bí àpẹẹrẹ bá jẹ́ 600, kí ó ṣe 100 tí wọ́n fi ìbò mú, kí wọ́n wọn ìfohùnṣọ̀kan lórí ìyẹn. Bó bá tó, ẹnìkan lè parí ìyókù. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n máa ń pe ẹnìkejì, ṣùgbọ́n tí wọ́n á jókòó pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n á jọ jiyàn lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kọ àmì. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí méjì. Ẹnìkan tó ní ẹnu méjì ni. Kí oníkálukú kọ tirẹ̀ ná, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí àmì ìkẹyìn.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ kápà di òrìṣà. Ó ń sọ pé àwọn méjì rí nǹkan bákan náà. Kò sọ pé ohun tí wọ́n rí ni òtítọ́. Olùkọ́ méjì tí wọ́n jọ kà á nínú ìwé kan pé "ṣebí" jẹ́ àfikún asán lè fohùn ṣọ̀kan títí dé 1, kí àwọn méjèèjì sì jọ ṣì í. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí olùfàmìsí yàtọ̀ síra ní ọjọ́ orí àti ní ipò, kí wọ́n sì jẹ́ mẹ́ta bó bá ṣeé ṣe. Ìṣirò tí Joseph Fleiss gbé jáde ní 1971 wà fún ẹni tó bá ju méjì lọ. Kì í ṣe ohun tó jìnnà sí ilẹ̀ yìí. Ní 2022, àwọn onímọ̀ tí Shamsuddeen Hassan Muhammad ṣáájú gbé àkójọ NaijaSenti jáde ní èdè Haúsá, Ìgbò, Pijin àti Yorùbá, tí ènìyàn mẹ́ta mẹ́ta fi àmì sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti sọ bóyá inú olùsọ̀rọ̀ dùn tàbí kò dùn, wọ́n sì wọn ìfohùnṣọ̀kan wọn fún aráyé rí. Ohun tí wọ́n lè ṣe fún ọ̀rọ̀ orí Twitter, ó yẹ kí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ èdè Yorùbá lè ṣe é fún "ṣebí".

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó bá mú nọ́ńbà wá nípa wúnrẹ̀n atọ́ka ìtàkùrọ̀sọ mú nǹkan mẹ́ta wá pẹ̀lú rẹ̀: ìwé ìlànà tó fi pín wọn, tábìlì ohun tí oníkálukú olùfàmìsí kọ, àti kápà. Bí kò bá ní wọn, kí wọ́n dá nọ́ńbà rẹ̀ padà fún un. Ẹni tó sì di báírò pupa mú nínú kíláàsì, kí ó dáwọ́ dúró ná. Kí ó fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní ojú ewé àròkọ náà, kí ó ní kí oníkálukú kọ iṣẹ́ tí "ṣebí" kọ̀ọ̀kan ń ṣe síbẹ̀. Bí àwọn méjèèjì, láìbá ara wọn sọ̀rọ̀, bá kọ iṣẹ́ kan náà sí ọ̀rọ̀ tí òun pè ní asán, máàkì ọmọ náà ni kí ó dá padà.